Níbo ni kí n ti máa dúró bí mo bá ń kọ nípa jàǹbá ọkọ̀ wa?

Okun o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ bí ọkọ̀ wa ṣe dojú dé lọ́nà Kàbbà sí Ìsánlú, tí àbúrò mi sì kú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wákàtí mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ láìdúró. Ọwọ́ mi tutù, òórùn pẹtiróòlù gba imú mi, n kò sì rójú oorun.

Ní báyìí, ìṣẹ́jú 15 ni mo máa ń yí aago fóònù sí. Ibi tó tura ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń ná iṣu lọ́jà Kàbbà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibẹ̀ náà ni mo ń padà sí kí n tó pa ìwé dé. “Ó” ni mo ń pe ara mi, kì í ṣe “mo”. Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ gan-an, bó tilẹ̀ dà bíi pé ìtàn ẹlòmíràn ni mò ń kọ.

Ìgbà tí ọkọ̀ yí gan-an ló kù. Aago kì í tíì dún tí àyà mi á ti máa lù kìkì. Ṣé kí n kọ gbólóhùn kan péré síbẹ̀, kí n fò ó títí di oṣù mélòó kan? Àbí kí n pín in: ìró tí mo gbọ́ lónìí, ohun tí mo rí lọ́jọ́ mìíràn? Ẹ̀yin tó ti kọ irú rẹ̀ rí, kí lẹ máa ń ṣe kété tí ẹ bá gbé bírò sílẹ̀?