Àbọ̀ lórí ìtàn ìyá onígàrí àti oníbàárà ará Sípéènì

Ìbéèrè mi: “Nínú ìtàn kúkúrú tí mò ń kọ, ìyá onígàrí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àjèjì ará Sípéènì ṣi ọ̀rọ̀ ọ̀yàyà ara wọn gbọ́ sí èébú. Báwo ni òǹkàwé yóò ṣe gbà á gbọ́?”

Ìmọ̀ràn olùkọ́ èdè ni ó yanjú rẹ̀: ó ní kí àṣìgbọ́ náà wáyé nígbà tí ìyá bá ń bu ènì. Ìyá kọ́kọ́ kí àjèjì náà ní “bọ̀bọ́ mi”, àjèjì sì gbọ́ “bobo”, tí í ṣe òmùgọ̀ ní èdè wọn, síbẹ̀, nígbà tí ó rí ènì lórí kóńgò, ó pariwo “Olé!” bí wọ́n ṣe ń yin ènìyàn nílé wọn, ìyá sì gbọ́ “olè”, ẹ̀sùn tí ó dun ẹni tí ó ń ta ọrẹ jọjọ.

Ẹnìkan ní ohùn “Olé” àti “olè” kò dọ́gba, nítorí ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Òótọ́ ni, nítorí náà mo gbé ẹ̀rọ ìlọta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ kí ariwo rẹ̀ lè bo ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò bo gbogbo rẹ̀.

Àmì ohùn ni ó kù: bí mo bá kọ “Olé”, òǹkàwé yóò ṣáájú ìyá mọ̀, bí mo bá kọ “olè”, àjèjì di eléèébú. Ẹ ṣeun.