Ṣé kí n yọ "wọ́n" yìí ni, àbí kí n fi sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olóòtú. Mò ń ṣàtúnṣe ìwé tí bàbá kan kọ nípa ìgbésí ayé wọn. Ibi tó rọrùn ti parí: "nwọn" àti "aiye" ti di "wọ́n" àti "ayé" gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ 1974, mo sì ya "kìí" sí "kì í". "Ebi sìn mí délé" ṣàjèjì sí etí mi, àmọ́ gírámà rẹ̀ pé, ìtumọ̀ rẹ̀ sì hàn. N kò fọwọ́ kàn án.

Èyí tó dá mi dúró ni "Ìyá mi wọ́n ti ọjà dé." Olùwà ti wà níbẹ̀, arọ́pò orúkọ tún tẹ̀ lé e. Mo wá a káàkiri ìwé náà: àgbà nìkan ni wọ́n ń lò ó fún, wọn kò lò ó fún ọmọdé rárá. Ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe àṣìṣe ọwọ́. Mo kọ ìbéèrè sí etí ìwé. Bàbá náà ní kí n ṣe é bó bá ṣe yẹ. (Irú èsì wo nìyẹn!)

Níbi tí ènìyàn bá ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀, màá fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí òǹkọ̀wé fúnra wọn ti ń ròyìn, ṣé kí n yọ ọ́ ni?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.