Ẹni mẹ́ta jọ gba ipò kejì: ipò kẹta dà?

Àǹtí Tíṣà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èsì sáà kẹta ni mo kọ fún Pírámárì kẹrin, ọmọ 28. Ẹni àkọ́kọ́ gba 871. Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jọ gba 846 géérégé. Ẹni tó kàn gba 830, mo sì kọ ìkarùn-ún sí káàdì ẹ̀. Ni ìyá ẹ̀ bá dé: ta ló gba ìkẹta, ta ló gba ìkẹrin? Ó ní mo rẹ́ ọmọ òun jẹ. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìyá Ìbejì: Ó jàre. Máàkì ni ká máa kà. 871 àkọ́kọ́, 846 ìkejì, 830 ìkẹta. Èwo ni ká máa fo nọ́ńbà bí ẹni ń fo gọ́tà?

Tíṣà Àgbà: Ìyá Ìbejì, irú kíkà yẹn náà wà. Àmọ́ káàdì wa máa ń kọ iye ọmọ kíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ipò, ibẹ̀ ló ti máa dàrú. Bí kò bá sí ibòmíràn tí wọ́n ti dọ́gba, ẹni tó gbẹ̀yìn pátápátá yóò gba ipò 26 nínú ọmọ 28. Bàbá ẹ̀ á rò pé ọmọ méjì ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ọmọ mélòó ló ṣáájú rẹ? Ohun tí ipò ń sọ nìyẹn, ẹ wá fi ẹyọ kan kún un. Ẹnì kan ló ṣáájú àwọn 846, gbogbo wọn wà ní ìkejì. Mẹ́rin ló ṣáájú ẹni 830, ìkarùn-ún ni.

Bàbá Dára: Ẹ kúkú wo máàkì Ìṣirò àwọn mẹ́ta yẹn, kí ẹ fi yà wọ́n.

Tíṣà Àgbà: Ẹ̀gbọ́n, àwọn kọ́ ló ń jà. Ẹ tiẹ̀ yà wọ́n sí ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ẹni 830 ò ní kúrò ní ìkarùn-ún. Àǹtí, ẹ sọ ìyẹn fún ìyá ẹ̀.

Mọ́remí: Tèmi yàtọ̀ o. Excel ló ń bá mi ka ipò. Ọmọ méjì ní 72 lórí káàdì, ó fún ọ̀kan ní ìkejì, ó fún èkejì ní ìkẹta.

Tíṣà Àgbà: Iṣẹ́ mélòó ni wọ́n ṣe? Kí ni àpapọ̀ wọn?

Mọ́remí: Mẹ́sàn-án. 652 àti 651.

Tíṣà Àgbà: Wọn ò dọ́gba nìyẹn. Ẹ pín in sí 9: ọ̀kan á jẹ́ 72.44, èkejì 72.33. Ẹ ti ní kí Excel má fi ìyókù hàn, àmọ́ ó ṣì ń fi í ṣírò. Ẹ kọ àpapọ̀ sí káàdì kí òbí lè rí i.

Ìyá Ìbejì: Nítorí máàkì ẹyọ kan! 72 tí a kọ fún òbí ni kí wọ́n fi pín ipò.

Tíṣà Àgbà: Bí ilé-ìwé bá fọwọ́ sí i, tí àpapọ̀ sì wà ní C2, `=ROUND(C2/9,0)` ni kí Mọ́remí kọ́kọ́ ṣe, kó tó ka ipò. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ ṣá. Ẹni tó ní 71.56 àti ẹni tó ní 72.44 á wá di ẹgbẹ́.

Àǹtí Tíṣà: Ẹ ṣé o. Ìyá ẹ̀ ti gbà. Ó ní kí n wá ṣàlàyé fún bàbá ẹ̀ lọ́la.