Déètì àti orúkọ ìlú nínú Excel wa kò bára mu: òfin wo ni kí n fi síbẹ̀?

Akọ̀wé Omi
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń kó àkọsílẹ̀ àtúnṣe bóòhóòlù jọ ní Ìbàràpá. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló ń lọ yẹ ẹ̀rọ omi wò. Kálukú ní láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, wọn a sì fi fáìlì Excel ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí mo pa wọ́n pọ̀, ìlú kan ti di mẹ́ta: `Igbo-Ora`, `Igboora`, `Igbo Ora`. Ti déètì ló dùn mí jù. Ẹ̀rọ kan ní Ìdèrè tí a tún ṣe ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2025, oṣù kẹta ni Excel kà á sí. Mo ti kọ ọ́ fún ọ̀gá mi pé omi ti ń yọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ìlú ṣì ń ru omi láti odò ní gbogbo oṣù yẹn. Òfin wo ni kí n fi sí fáìlì náà?

Ọmọ Lánlátẹ̀
Èyí ò le rárá. Ẹ yan òpó déètì, ẹ lọ sí `Format Cells`, ẹ fi í sí `dd/mm/yyyy`. Ó parí.

Baba Àtẹ
Àbúrò, ojú déètì nìkan nìyẹn ń tún ṣe. Bí Excel ṣe máa gbọ́ ohun tí èèyàn tẹ̀, inú ètò `Region` ti Windows ló ti ń mú un. Bí láptọ́ọ̀pù bá wà ní ètò Amẹ́ríkà, `03/04/2025` á di ọjọ́ 4 oṣù kẹta, `dd/mm/yyyy` á sì wulẹ̀ fi àṣìṣe náà hàn bí `04/03/2025`.

Akọ̀wé, ẹ yan òpó déètì, ẹ lọ sí `Data`, `Data Validation`. Ní `Allow`, ẹ yan `Date`, `between`. Ẹ kọ èyí sí `Start date` àti `End date`:

```
=TODAY()-14
=TODAY()
```

Ní `Error Alert`, ẹ fi í sí `Stop`, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa rí síbẹ̀: "Kọ ọ́ báyìí: 3-Apr-2025". Bí oṣù bá ti jẹ́ lẹ́tà, kò sí láptọ́ọ̀pù tó máa ṣì í gbọ́.

Ìdí tí mo fi mú ọjọ́ 14 rèé. Bí ọjọ́ àti oṣù bá pààrọ̀ ipò, ó kéré tán, déètì á fi ọjọ́ 27 yẹ̀: ẹ wo ọjọ́ 3 oṣù kejì àti ọjọ́ 2 oṣù kẹta. Nítorí náà, èyí tó bá pààrọ̀ kò lè bọ́ sínú ọjọ́ 14. `25/04/2025` ńkọ́? Láptọ́ọ̀pù ètò Amẹ́ríkà kò ní oṣù 25, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kà á sí, òfin náà á sì kọ̀ ọ́.

Akọ̀wé Omi
Áà, ẹ ṣeun gan-an, Baba. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, ẹlòmíràn máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní abà kó tó rí iná fi ṣe láptọ́ọ̀pù.

Baba Àtẹ
Ẹ fi í sí 21 nígbà náà. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó dé 27.

Ìyá Alájẹṣẹ́kù
Mo gbìyànjú rẹ̀ báyìí lórí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò gba ẹyọ kan!

Baba Àtẹ
Ìyá wa, ọjọ́ ìbí ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tipẹ́. Òpó mẹ́ta ni kí ẹ lò: ọjọ́, oṣù, ọdún, kí oṣù jẹ́ orúkọ tí wọ́n á yàn.

Ìyá Alájẹṣẹ́kù
Àwọn tí kò mọ oṣù tí wọ́n bí wọn ńkọ́? Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọmọ Lánlátẹ̀
Mo gbà, Baba. Ti orúkọ ìlú wá ńkọ́?

Baba Àtẹ
Ìlú méje ni Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgangan. Ẹ tò wọ́n sí ṣíìtì kan tí ẹ pè ní `Ilu`, láti A2 dé A8. Ní `Allow`, ẹ yan `List`, kí `Source` jẹ́:

```
=Ilu!$A$2:$A$8
```

Ẹ fi àmì ohùn sí wọn dáadáa, nítorí yíyàn ni wọ́n á máa yàn, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ní kí kálukú tẹ̀ ẹ́, `Ìdèrè` àti `Idere` á di ìlú méjì.

Ibì kan wà tí òfin yìí kò ká: ohun tí wọ́n bá dà síbẹ̀ láti Wásáàpù, Excel kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá gba fáìlì, ẹ tẹ `Circle Invalid Data` lábẹ́ `Data Validation`, á fi pupa yí àwọn tó ṣì ká. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ tún fi òfin náà sí òpó yẹn fúnra yín, torí bí wọ́n bá kó o láti àpótí Excel mìíràn, ó lè ti pa òfin rẹ́. Lọ́dọ̀ yín, déètì gidi ni kí ẹ lò dípò `TODAY()`. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí oṣù bá yí, gbogbo àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni yóò yí ká.

Akọ̀wé Omi
Àwọn abà kéékèèké ńkọ́? A máa ń rí tuntun lóṣooṣù, wọn kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan.

Baba Àtẹ
Ẹ fi "Abà tuntun" kún ṣíìtì `Ilu` ní A9, ẹ sọ `Source` di `=Ilu!$A$2:$A$9`, kí òpó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ìlú fún orúkọ abà náà. Èmi ò tíì rí ọ̀nà tí kò nílò kí èèyàn kan jókòó kà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Lánlátẹ̀
Àwọn àtijọ́ tó ti bàjẹ́ ńkọ́?

Baba Àtẹ
Fáìlì láptọ́ọ̀pù ètò Amẹ́ríkà nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Èyí tó fara ti apá òsì àpótí, ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹ tún un tẹ̀. Èyí tó fara ti apá ọ̀tún ti pààrọ̀, ẹ dá a padà:

```
=DATE(YEAR(B2),DAY(B2),MONTH(B2))
```

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ju 12 lọ ní apá ọ̀tún, ẹ dúró. Ẹnì kan ti tẹ ìyẹn lọ́nà Amẹ́ríkà, ìwé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló lè sọ ti àwọn yòókù.

Akọ̀wé Omi
Mo ti rí méjì nínú fáìlì Tápà. Màá pè é láàárọ̀ ọ̀la pé kó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ wá.