Bàbá tó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ìbéèrè

Ọmọ Ìjọ̀kà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ ní kí kálukú sọ ohun tójú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí. Tèmi rèé.

Àkúrẹ́ níbí ni mo ti bá wọn ṣe ìwádìí kan lórí bí ọpọlọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Èmi ni mo ń lọ bá wọn nílé. N ó ka fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda fún wọn, lẹ́yìn náà la ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò: wọn á ya aago, wọn á dárúkọ ohun tó wà nínú àwòrán, wọn á tún ìtàn kékeré kan sọ, èmi á sì gba ohùn wọn sílẹ̀.

Bàbá kan wà ní Òkè-Àró, iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ń ṣe kí àìsàn tó dé. Apá ọ̀tún wọn ti rọ, ọ̀rọ̀ sì ti wọ́n lẹ́nu wọn. Àkọ́bí wọn ọkùnrin ló gbà mí lálejò. Ojú ewé mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù náà, mo kà á láti òkè délẹ̀. Bí mo bá ti parí ìpínrọ̀ kan, n ó ní, "Ṣé ó yé yín, sà?" Bàbá á mi orí: "Bẹ́ẹ̀ ni." Nígbà tó kan ìfọwọ́sí, ọmọ wọn di àtàǹpàkò bàbá mú, ó tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Àwòrán kẹta ni kọ́kọ́rọ́. "Kí nìyí, bàbá?" "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo fi àwòrán bàtà hàn wọ́n. "Bẹ́ẹ̀ ni." Àyà mi já. Mo rọra ní, "Bàbá, ṣé inú mọ́tò la jókòó sí yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́: "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní, "Ṣé èmi ni ìyàwó yín?" Èmi onírùngbọ̀n! "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọmọ wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, àmì àtàǹpàkò yẹn ni mò ń wò.

Mo palẹ̀ mọ́, mo pe ọ̀gá mi. Obìnrin náà ní kí n má ya ìwé náà o, kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti pé ìdánwò ọjọ́ yẹn kò wọ inú iṣẹ́ wa. Mo padà lọ, n ó sọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe.

Alága Àdúgbò
Ẹ kàn ń fa wàhálà sí ara yín lọ́rùn ni. Bàbá tí kò lè sọ̀rọ̀, ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Bí àkọ́bí bá ti fọwọ́ sí i, ó tán. Bí òfin ṣe wí nìyẹn, níbi gbogbo.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ohun tó ṣe bàbá tèmi náà nìyẹn! Ìgbà tí wọ́n ti ń ṣarán ni àbúrò wọn mú ìwé ilẹ̀ wá, tó gba ọwọ́ wọn tẹ̀ ẹ́. Pulọ́ọ̀tì méjì ló lọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ inú ìwádìí yìí lè bá mi fagi lé e?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìgbìmọ̀ wa ò láṣẹ lórí ilẹ̀, lọ́yà ni kí ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́.

Alága, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Lóòótọ́ ni ará ilé lè dúró fún ẹni tí kò lè pinnu. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé kò lè pinnu. Kì í ṣe pé ẹnu rẹ̀ wúwo tàbí pé ó gba máàkì kékeré nínú ìdánwò ìrántí. Mo ti rí ìyá tí kò mọ ọjọ́ òní, tí kò mọ orúkọ ààrẹ, tó sì sọ fún mi kedere pé òun ò fẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun, pé bí wọ́n bá ní kí òun ya àwòrán, òun á yà á. Ìrántí lọ́tọ̀, ìpinnu lórí ohun kan pàtó lọ́tọ̀.

Èkejì, ẹni tó bá dúró fún bàbá, "Kí ni bàbá ì bá wí?" ni ìbéèrè tó ń dáhùn. Kì í ṣe, "Kí ni èmi fẹ́?" Nígbà mìíràn àkọ́bí ń gbé Èkó, ọdún méjì rèé tó ti wálé kẹ́yìn. Ìyàwó tàbí ọmọ tó ń wẹ̀ fún wọn ló mọ ohun tí ojú wọn ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Ìkéde Hẹ́lísíńkì lórí ìwádìí tí a ń ṣe lára èèyàn, tí àwọn dókítà àgbáyé kọ́kọ́ gbé jáde ní 1964 tí wọ́n sì ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, sọ pé bí ẹni tí kò lè pinnu bá fi hàn pé òun kò fẹ́, kí á bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọ ì báà ti fọwọ́ sí ìwé mẹ́wàá.

Ọmọ Ìjọ̀kà, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ṣe ní 2007 láti fi mọ̀ bóyá ìwádìí yé ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ìbéèrè mẹ́wàá péré, kì í gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ó bi ẹni náà pé kí ni ìwádìí yìí wà fún, ṣé dandan ni kó ṣe é, kí ló lè ni ín lára níbẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bó bá ní òun ò ṣe mọ́. Níbi ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú, wọn á ní, "Kí ara mi lè yá ni." Wọ́n ti sọ ìwádìí di ìtọ́jú. Bí ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ tún un ṣàlàyé, kí ẹ sì tún un bi wọ́n. Àtúnsọ kò lòdì. Ọ̀pọ̀ tó kùnà lẹ́ẹ̀kan ló ń yege lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n bàbá yín yìí, ìbéèrè mẹ́wàá yẹn kò ní gbè wọ́n, torí ẹnu ni wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ọmọ Ìjọ̀kà
Màmá, ẹ ṣeun. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo padà lọ, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ìyàwó wọn ló wà nílé. Ìbéèrè kìíní mi ni, "Màmá, ṣé bàbá ń lo gíláàsì?" Orí máṣíìnì ìránṣọ ló wà, eruku ti bò ó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá ò tiẹ̀ rí àwòrán tí mò ń fi hàn wọ́n dáadáa!

Ọ̀gá mi ti kọ ìbéèrè méjìlá fún mi. Mẹ́fà tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́fà tó jẹ́ rárá, ó sì dà wọ́n pọ̀. "Ṣé télọ̀ ni yín?" "Ṣé Ìbàdàn lẹ̀ ń gbé?" "Ṣé wọ́n máa ń gún iṣu kí wọ́n tó sè é?" Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fẹnu dáhùn. Mẹ́fà ni wọ́n gbà. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ohun gbogbo, mẹ́fà náà ló máa gbà nínú méjìlá. Ká ní ìbéèrè tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni mo mú lọ ni, bí mo ṣe ṣe pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, n ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá yege pátápátá.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé páálí méjì síwájú wọn. Mo ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀kan, mo fa ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá sí èkejì. Mo ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ òsì tọ́ka. Nígbà tí mo débi iṣu gígún, bàbá wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, wọ́n gbá páálí rárá mọ́lẹ̀. Mọ́kànlá nínú méjìlá! Ó yé wọn. Ẹnu wọn ló ń purọ́ mọ́ wọn.

A wá ká ojú ewé mẹ́rin yẹn sí àwòrán mẹ́fà, ohun kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún kọ́ nǹkan kan níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé òyìnbó kankan tí mo kà. Fọ́ọ̀mù wa ní ìbéèrè kan tó ní, "Ṣé ẹ ò fẹ́ kí á gba ohùn yín sílẹ̀?" Lédè wa, ẹni tí kò fẹ́ á ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ni pé òun ò fẹ́. Ẹlòmíràn á sì ní bẹ́ẹ̀ ni torí pé ó fẹ́. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le gan-an, ìbéèrè yẹn kò dára, áḿbọ̀ǹtórí bàbá. A yọ gbogbo "ṣé ẹ ò" kúrò.

Bàbá tọ́ka sí ojú ẹ̀rín fún aago yíyà àti fún àwòrán. Ó kan rẹ́kọ́dà. Wọ́n tọ́ka sí rárá. Mo rò pé àṣìṣe ni, mo tún un bi, wọ́n fi ọwọ́ òsì dojú fóònù mi délẹ̀. Mo dúró díẹ̀, mo gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n tún dojú rẹ̀ délẹ̀. Àkọ́bí wọn ti dé báyìí. Ó ní, "Ẹ gbà á jàre, wọn ò mọ̀." Ìyàwó wọn ló dá a lóhùn: "Ojú ń tì wọ́n láti jẹ́ káyé gbọ́ ohùn wọn." A ò gbà á. Ìtàn sísọ náà bọ́ lọ, àlàfo wà lórí orúkọ wọn nínú dátà wa títí dòní. Owó ìrìnnà tí a ń fún wọn, ọwọ́ òsì bàbá ni mo kó o sí. Inú àkọ́bí ò dùn o.

Alága Àdúgbò
Ti fóònù yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń dojú fóònù délẹ̀, ta la ó wá ṣe ìwádìí lára rẹ̀? Ṣé àwọn tí ara wọn dá nìkan?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì
Ìbéèrè gidi lẹ bi yẹn, Alága. Bí a bá yọ wọ́n sílẹ̀ pátápátá, a ò ní mọ ohun tó ń ṣe wọ́n láé. Ìkéde kan náà gbà kí wọ́n wọ̀ ọ́, kódà bí kò bá ní ṣe àwọn fúnra wọn láǹfààní, tó bá jẹ́ pé yóò ṣe irú wọn lóore, tí kò ṣeé ṣe lára ẹni tó lè pinnu, tí ewu àti ìnira rẹ̀ sì kéré jọjọ. Aago yíyà kéré. Kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn láti fa omi ara, a ti jà lórí ìyẹn nínú ìgbìmọ̀ wa títí ilẹ̀ fi ṣú, ohùn wa ò sì ṣọ̀kan.

Ọmọ Ẹkìmọgun
Ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọ egungun. Ìyá mi ní Oǹdó wà nínú ìwádìí kan, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni àwọn olùwádìí ń wá. Tíṣà ni ìyá mi. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi buwọ́ lù ú, wọ́n ń sọ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n fi ọpọlọ àwọn kọ́ àwọn ọmọdé. Ní báyìí wọn ò rántí ìwádìí kankan mọ́. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, ìyá mi bọ́ fìlà oníwáyà tí wọ́n fẹ́ fi yẹ orí wọn wò, wọ́n jù ú nù. Ó di ọjọ́ kejì, wọ́n ní, "Àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi dà?" Ìyá wo ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Tíṣà tó buwọ́ lùwé, àbí èyí tó ju fìlà nù?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì
Ọmọ mi, ti ọjọ́ tí wọ́n ju fìlà nù, rárá ni fún ọjọ́ náà. Kí àwọn olùwádìí lọ láìjanpata. Kò sọ pé kí wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò, wọ́n lè padà wá bi wọ́n lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n sì fi fìlà náà sílé bó bá jẹ́ òun ni wọn ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà mélòó lèèyàn máa padà wá kó tó di ìyọlẹ́nu? Èmi máa ń ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní ẹ̀ẹ̀kan ni. Òun náà kì í ṣe òpè.

Ọmọ Ẹkìmọgun
Ẹ ṣé, mà. Wọ́n ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ní kí wọ́n wá láàárọ̀ kùtù, lẹ́yìn tí ìyá mi bá ti mu ògì tán. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pè mí. Fìlà oníwáyà náà, mo ti ní kí wọ́n fi sínú mọ́tò ná.