"Inú ń run mí" àti "ibí ń dùn mí": kí la ó pe ìrora yìí?

Òṣìṣẹ́ ìlera, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn tó ń wá sí ilé ìwòsàn wa. Ìrora kan wà, ti àpẹ́ńdíìsì, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àyíká ìdodo, tó á wá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Mo pè é ní "ìrora aṣíkiri", mo sì pe àìsàn náà ní "inú rírun apá ọ̀tún". Ṣé ó bára mu?

Tísà Àgbà, Ọ̀fà

Aṣíkiri kọ́, ọmọ mi. Ohun tó ń kiri kì í níbi kan pàtó tó ń gbé. Alákàrà tó ń kiri á gba Ọjà-Ọba, á gba Gàá-Àkànbí, á tún padà sí Ọjà-Ọba. Èyí tí o ń sọ yìí kúrò níbì kan, ó dé ibòmíràn, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ láti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin ni, kò kiri. Mo dábàá "ìrora akólọ".

Ní ti orúkọ, "àfikún" la ń pe èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni òyìnbó ń lò fún ìwé àti fún ara. Nítorí náà, "àfikún ìfun" ni kí a pè é. Hóró gúáfà àti òkúta inú ìrẹsì ló máa ń há síbẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kékeré.

Dókítà, Òmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ibi tí ẹ ti já "kiri" yẹn tọ́ gan-an. Àmọ́ "akólọ" náà ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí ìrora àkọ́kọ́ ò kó lọ síbì kankan. Ìrora méjì ló wà níbẹ̀, èdè wa sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí dókítà tó dé. Ẹ gbọ́ bí ọmọ ọdún 17 kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ṣe sọ tiẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó ní "inú ń run mí". Ìyá rẹ̀ bi í pé níbo, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ yí ìdodo ká. Ó ń wá, ó ń lọ. Wọ́n gbé àmàlà síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án, ọmọ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tutù. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì lóru. Ẹ dákun, ẹ fi èyí sọ́kàn: inú kọ́kọ́ run ún kó tó bì. Ká ní èébì ló ṣáájú ni, oúnjẹ tí ò bá a lára mu ni mi ò bá kọ́kọ́ fura sí.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti yí padà. Kò wí pé inú ń run òun mọ́. Ó ní, "Ibí yìí ń dùn mí, ó ń gún mi," ìka kan ṣoṣo ló sì fi tọ́ka, ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Ó ń tẹ̀ rìn. Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e wá, ó sì ní kò sí gálọ́ọ̀pù kan lójú ọ̀nà tí òun ò kà.

Ohun tó fà á nìyí. Àpẹ́ńdíìsì jẹ́ ọ̀pá tín-ín-rín kan tó so rọ̀ níbi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní, orí rẹ̀ lọ́hùn-ún dí pa. Bí nǹkan bá dí ẹnu yẹn, omi yíyọ̀ tó ń sun nínú rẹ̀ ò ní rí ọ̀nà jáde, á máa kún, á máa fẹ̀. Iṣan tó ń gbé ìròyìn fífẹ̀ yẹn lọ ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn níbi kan náà tí ti awọ ìdodo ń gbà wọlé. Ọpọlọ gbọ́ pé wàhálà ń bẹ, kò mọ ojúlé, ó wá fi í sí ìdodo. Ìyẹn ni "inú ń run mí". Nígbà tó bá yá, wíwú náà á là dé ẹ̀yìn ọ̀pá yẹn, á kan awọ tó tẹ́ inú ikùn. Awọ tibẹ̀ mọ ojúlé bí awọ ara òde ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni "ibí ń dùn mí". Ìdí nìyẹn tí ikọ́ àti gálọ́ọ̀pù fi ń dá a lóró: ohunkóhun tó bá ti mi awọ yẹn ń kan ojú egbò.

Mo wá ibi tó dùn jù. Ẹ fojú inú na okùn láti ṣóńṣó eegun ìbàdí ọ̀tún lápá iwájú dé ìdodo, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ibi tí ìdá kìíní láti eegun parí sí ni. McBurney, dókítà kan ní New York, ló sọ ibẹ̀ di mímọ̀ ní 1889. Mo tẹ apá òsì, ọmọ náà ní ọ̀tún ló dùn òun. Ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 37.9, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 14,000, èyí tí kì í sábà kọjá 11,000. Kò sí èyí tó lè dá nìkan jẹ́rìí nínú wọn. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ni mo fi mọ̀. Nígbà tí wọ́n là á nírọ̀lẹ́, ọ̀pá náà ti wú, orí rẹ̀ ti dúdú, kò tíì bẹ́. Ìgbẹ́ tó gan bí òkúta ló há sí ẹnu rẹ̀. Ti hóró gúáfà yẹn ṣọ̀wọ́n, sà.

Ìyá Ìbejì, Ajàṣẹ́-Ìpo

Ẹ má bínú o. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdodo ọmọ tuntun lẹ ń sọ, mo ti fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ìwọ́ kí n tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ní àìsàn yìí, kò sì gba ọ̀dọ̀ ìdodo wá rárá. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, lápá ọ̀tún, bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní kíndìnrín ni, wọ́n fún mi lóògùn. Lọ́jọ́ kẹta, aládùúgbò mi gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún mi, mo yàgbẹ́ títí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìrora náà ṣàdédé rọlẹ̀. Mo dúpẹ́, mo tiẹ̀ mu ẹ̀kọ gbígbóná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ikùn mi ti le bí pákó, mi ò lè mí délẹ̀. Ó ti bẹ́ sínú.

Ẹ wò ó, bí ẹ bá kọ "inú rírun apá ọ̀tún" sínú ìwé, irú mi á kà á, á ní kì í ṣe tòun. Inú ò run mí, ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Dókítà, Òmù-Àrán

Ẹ kú ewu o, Ìyá Ìbejì. Ìdí rẹ̀ ló so mọ́ ojú kan. Orí rẹ̀ lè doríkọ ibikíbi. Tiyín ti ní láti sá sẹ́yìn ìfun ńlá, kò sì rí awọ iwájú kàn. Èyí tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lè mú kí ènìyàn máa tọ̀ ṣáá tàbí kó máa yàgbẹ́. Àwọn tí tiwọn ń tọ ojú ọ̀nà bíi ti ọmọ télọ̀ yẹn ju ìdajì díẹ̀ lọ, wọn ò pé gbogbo wọn.

Ìrọlẹ̀ tí ẹ sọ yẹn ni mo fẹ́ kí olùbéèrè kọ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá náà bẹ́, fífẹ̀ inú rẹ̀ dẹ̀, ìrora wá fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ń tàn ká ikùn. Àgbo tó ń fọ inú lè yá bíbẹ́ yẹn.

Nǹkan méjì míì tún wà tí mi ò lè fojú fò. Bó bá jẹ́ obìnrin tó lè lóyún, mo máa ń béèrè nǹkan oṣù, mo sì ń yẹ ìtọ̀ wò fún oyún, torí oyún tó dúró sí òde ilé ọmọ lè dùn lójú kan náà gẹ́lẹ́. Ìkejì ni taifọ́ọ̀dù tó dá ìfun lu. Nínú tirẹ̀, ibà ló máa ń ṣáájú, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí ikùn tó gbiná. Ọmọ télọ̀ yẹn kò ní ibà kankan kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè, Ìlọrin

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, àwọn òyìnbó gan-an jà lórí orúkọ yìí. Tẹ́lẹ̀ rí, "pẹritífláítìsì" ni wọ́n ń pe àìsàn náà, ìyẹn ni pé wọ́n fi orúkọ ìfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pè é, torí wọ́n rò pé ibẹ̀ ló ti ń wá. Ní 1886 ni Reginald Fitz ní Boston sọ pé ọ̀pá kékeré yẹn gan-an ni olórí ẹjọ́, tó sì fún àìsàn náà ní orúkọ tó ń jẹ́ dòní. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ orúkọ tó dá lé ibi tó ń dùn. Orúkọ ohun tó wú ni ká lò: "ìrù ìfun", ká wá pe àìsàn náà ní "ìrù-ìfun wíwú".

Tísà, ẹ má bínú sí mi, "àfikún ìfun" ń dàrú mọ́ mi lójú. Ta ló fi kún un?

Tísà Àgbà, Ọ̀fà

Mo gbà fún ọ lórí àfikún. Hóró gúáfà náà, mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fi bá àwọn ọmọ wí fún ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n "ìrù" ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Bí o bá sọ "ìrù ìfun" fún alápatà, òpin ìfun lódò ìdí ló máa lọ wá fún ọ, èyí tí Dókítà ń sọ sì wà níbi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó máa rán ènìyàn lọ síbi tí kò yẹ kọ́ ni à ń wá. "Ọmọ-ìfun" ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ajàṣẹ́-Ìpo

Ọmọ kẹ̀? Èyí tí wọ́n gé jù nù lára mi? Àpẹ́ńdíìsì ni gbogbo wa ń pè é ní wọ́ọ̀dù, àtẹni tó kàwé àtẹni tí ò kà.

Òṣìṣẹ́ ìlera, Ìlọrin

Mo dúpẹ́ o. Mo ti yọ "aṣíkiri" àti "apá ọ̀tún" kúrò. Orúkọ ṣì wà nílẹ̀. Mo fi "àpẹ́ńdíìsì" síbẹ̀ ná, títí ẹ ó fi parí ìjà. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Bí inú bá ń run ọ́ láàárín, ní ìdodo, tí oúnjẹ ò wù ọ́, tó wá di pé ojú kan ṣoṣo ń dùn ọ́ ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún, tí ikọ́ tàbí gálọ́ọ̀pù ń mú un le sí i, lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ló máa dùn ọ́. Má mu àgbo tàbí oògùn tó ń fọ inú. Bó bá ṣàdédé rọlẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tọ́jú rẹ, má dúró sílé."

Tísà Àgbà, Ọ̀fà

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò pè é ní ìdodo láyé rẹ̀, ìwọ́ ló ń pè é. Kọ méjèèjì.