Ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá, mo ṣì fẹ́ ta ko owó ìtanràn owó orí

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n bu pọ́n-ùn 100 lé mi pé fọ́ọ̀mù owó orí mi pẹ́ dé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí pé mo fi ránṣẹ́ kí gbèdéke tó pé wà lọ́wọ́ mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà títí ọgbọ̀n ọjọ́ àtakò fi kọjá. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo délé. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún falẹ̀, àwáwí àìsàn ò ní wọlé mọ́. Ṣé inú fọ́ọ̀mù àtakò SA370 náà ni kí n ti ṣàlàyé ìdí tí àtakò fi pẹ́, kí n so ìwé ọsibítù tó ní déètì mọ́ ọn? Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́, ta ló ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ onídàájọ́ owó orí rí?